Ta Ló Ni Àwòrán? Èsì fún Àwọn Tó Ń Pe Àwòrán Títẹ̀ ní Ẹ̀dà Lásán

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Jọ́ọ̀sì yìí, ó sì ti tó àkókò kí ẹnì kan dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá wọ yàrá olùkọ́ kan, tí wọ́n rí àwòrán tí a tẹ̀ láti ara pátákó fífín, tí onílé fi gíláàsì bò, tí ó sì gbé e kọ́ sára ògiri, wọn a yínmú. Wọn a ní, "Ẹ̀dà lásán ni èyí. Níbo ni ojúlówó rẹ̀ wà?" Lójú tiwọn, àwòrán tòótọ́ ni èyí tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, tí ọlọ́lá kan rà, tí ó sì tì í mọ́ inú pálọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó bá ti ní igba ọmọ ìyá, wọn a ní ó ti di àkàrà ojú títì.

Èmi kò gbà. Irọ́ ni, irọ́ náà kò sì mọ sí ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Òun ni a fi ń pinnu ẹni tí yóò ní àwòrán nílé rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa wò ó lókèèrè. Pátákó fífín ló gba àwòrán kúrò lọ́wọ́ ọba àti olówó, tí ó sì fi lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Àwọn kan sì wà lónìí tí wọ́n ń gbà á padà, tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé, kí pátákó ìtẹ̀wé tó dé, ta ló ni àwòrán? Ẹ wo Olówè, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938. Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sára rẹ̀ ní ìjókòó, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé wá kí i. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ ààfin ló lè wo ilẹ̀kùn náà, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè gbé e lọ sílé. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wẹ́ńbìlì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ọ̀gọ̀gà kọ̀ láti tà á fún owó. Nígbẹ̀yìn, ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, Olówè sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún un. Irú ìdúnàádúrà wo nìyẹn? Ọba ló lè fi ilẹ̀kùn gba ìtẹ́. Kí ni àgbẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ní láti fi ṣe pàṣípààrọ̀? Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ àgbẹ̀ náà bá fẹ́ rí ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́, àfi kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

N kò sọ pé mẹ̀kúnnù ayé àtijọ́ kò ní ère rárá. Ìyá ìbejì ní ère ìbejì. Ṣùgbọ́n ó ní in nítorí pé ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ kú, tí ifá sì ní kí ó lọ gbẹ́ ère. Kì í ṣe pé ó ń kọjá lọ́jà, tí ojú rẹ̀ rí i, tí ọkàn rẹ̀ fà sí i, tí ó sì yọ owó nínú gbájúmọ̀ rẹ̀. Irú níní tí mo ń sọ nìyẹn: kí ènìyàn ra àwòrán nítorí pé ó wù ú.

Ìlú kan tí níní bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ dáadáa nípasẹ̀ igi fífín ni ìlú kan ní Jàpáàn tí orúkọ rẹ̀ jọ ti Ẹ̀dó tiwa, Édò, èyí tí a ń pè ní Tókíyò lónìí. Ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n ti ń tẹ àwòrán aláwọ̀ dúdú nìkan tipẹ́, ṣùgbọ́n ní 1765 ni àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe dé, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ewì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òfin ìlú kò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ kàlẹ́ńdà bí kò ṣe àwọn tí ìjọba fún láṣẹ. Nítorí náà, àwọn ọlọ́rọ̀ yìí ní kí ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Súsúkì Hárúnóbù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì àwọn oṣù pamọ́ sínú àwòrán, bóyá sára aṣọ obìnrin tàbí sára abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n lè máa fi í ta ara wọn lọ́rẹ ní ọdún tuntun. Wọn kò ṣírò owó rárá. Wọ́n ra bébà tí ó nípọn, wọ́n sì lo àwọ̀ bí ó ti wù wọ́n.

Àwọn oníṣòwò àwòrán ń wò wọ́n. Nígbà tí àríyá ọlọ́rọ̀ parí, wọ́n gba pátákó wọ̀nyẹn, wọ́n gbẹ́ orúkọ olówó àti àmì oṣù kúrò lára wọn, wọ́n tún àwòrán tẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sójà. Igi kò mọ olówó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sanwó fún pátákó kò lè dí i lọ́wọ́ kí ó má bímọ fún ẹlòmíràn.

Kí a tó lè dá ẹni tí ń bèèrè ojúlówó lóhùn, a gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ayàwòrán a fi tàdáwà ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Afínpátákó a fi ẹ̀kọ lẹ bébà náà ní ìdojúdé mọ́ pátákó igi ṣẹ́rì, igi tí ó le tí ara rẹ̀ sì dán, a sì rọra fi ìka ha ẹ̀yìn bébà náà títí gbogbo ìlà yóò fi hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ọ̀bẹ, tí yóò gé ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún àti lósì, tí yóò sì fi ìfágbẹ́ kó igi tí ó wà láàárín wọn kúrò. Àwọn ìlà nìkan ni yóò ṣẹ́kù tí wọn yóò yọrí sókè. Níbi tí ó ti ń gé e yìí, bébà tí ayàwòrán ya àwòrán sí ti ya, ó ti bá ìfọ́ igi lọ. Wọn a tẹ díẹ̀ láti ara pátákó yìí pẹ̀lú tàdáwà dúdú, ayàwòrán a sì fi àmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí pupa yóò wà hàn, àti ibi tí ewé yóò wà, àti ibi tí aró yóò wà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú pátákó tirẹ̀.

Báwo ni gbogbo àwọ̀ yìí ṣe ń bọ́ sí ààyè wọn? Lára pátákó kọ̀ọ̀kan, afínpátákó a fi àmì méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní igun bí ìgbà tí ènìyàn ká ìgbọ̀nwọ́, èkejì ní ẹ̀gbẹ́, tí ó lọ tààrà. Ìgbà gbogbo ni òǹtẹ̀ a kọ́kọ́ fi igun bébà rẹ̀ sí àmì méjèèjì yìí kí ó tó jẹ́ kí bébà bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe tí kò ju fọ́nrán irun kan lọ, pupa ètè a ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bébà náà gbọ́dọ̀ rin díẹ̀ kí ó tó lè mu àwọ̀, bébà tí ó bá sì rin a máa gbòòrò. Bí ó bá gbẹ díẹ̀ kí a tó gbé e dé orí pátákó kejì, ó ti sún kì, àwọ̀ kejì kò sì ní bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán iṣẹ́ yìí wò ní Jọ́ọ̀sì nígbà ọyẹ́ yóò mọ ohun tí mo ń wí. Àfi kí ó kó bébà rẹ̀ sáàárín àwọn bébà mìíràn tí ó tutù, kí ó fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀, kí ó sì máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òǹtẹ̀ a fi búrọ́ọ̀ṣì pa àwọ̀ tí ó ní ẹ̀kọ ìrẹsì díẹ̀ nínú sórí pátákó, a tẹ́ bébà lé e, a sì fi ìrapá pẹlẹbẹ kan tí a fi èèpo ọparun bò fi agbára ra ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Nǹkan bí igba ẹ̀dà ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó sinmi.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè ojúlówó, ẹ tọ́ka sí i fún mi. Ṣé bébà tí ayàwòrán yà ni? Ó ti ya. Ṣé pátákó ni? Òdìkejì ni àwòrán wà lára rẹ̀, ọ̀tún di òsì, lẹ́tà kọjú sẹ́yìn, ìdajì àwọ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán náà nítorí kí a lè gbé pátákó kọ́ ògiri. Orí bébà tí a tẹ̀ nìkan ni àwòrán náà ti wà lódidi, ó sì wà lódidi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ta ni yóò lọ bi aládìrẹ ní Abẹ́òkúta léèrè pé èwo nínú aṣọ tí ó tò sílẹ̀ ni ojúlówó? Bí obìnrin bá bí ìbejì, èwo nínú wọn ni ẹ̀dà?

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iye tí wọ́n ń ta ẹyọ àwòrán kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ àṣejù ní Édò jẹ́ nǹkan bíi mọ́nì 16 sí 20. Mọ́nì 16 ni wọ́n ń ta abọ́ sóbà kan, oúnjẹ tí ó jọ núdù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sè ní ilé gbígbé wọn. Ẹ ro ìyẹn wò. Alágbàṣe tí ó bá fi ebi pa ara rẹ̀ ní ọ̀sán kan ti di ẹni tí ó ní àwòrán. Bí ẹni tí ń rà á ti yí padà, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a ń yà yí padà. Àwọn tí ń ya àwòrán fún ààfin a máa ya ohun tí ààfin fẹ́. Oníṣòwò tí ń wá owó alágbàṣe ní láti ya òṣèré orí ìtàgé tí alágbàṣe fẹ́ràn, tàbí oníjàkadì, tàbí ọ̀nà ìrìn àjò. Ní àárín àwọn ọdún 1830, Híróṣígè ya àwòrán ibùdó 53 tí ó wà lójú ọ̀nà Tòkáídò, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà kún un, ó di 55. Ẹni tí kò lè ná owó ìrìn àjò náà láé rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì rìn ín tán nínú ilé rẹ̀.

Ó ní àléébù o, n kò ní fi í pamọ́. Igi a máa gbó. Ẹ wo àwòrán ìgbì òkun ńlá tí Hókúsáì yà ní nǹkan bí 1831, tí wọ́n tẹ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ní apá òsì lókè, ìlà kan yí àkọlé rẹ̀ ká bí ọgbà. Lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ọgbà náà pé. Lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn, ó ti já ní ibì kan tàbí ibì méjì, nítorí pé igi tín-ín-rín tí ó gbé ìlà náà ró ti kán lábẹ́ ìrapá. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà máa ń wò láti mọ èyí tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó rà á kẹ́yìn gba ìlà tí ó já. Ṣùgbọ́n ó gba ìgbì òkun náà.

Ọ̀tá àwòrán títẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, èyí sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní bí ohun kan bá ti pọ̀ jù, àṣẹ inú rẹ̀ a tán. Ohun tí gbogbo ayé ní kò lè mú ọkàn ẹnikẹ́ni gbọ̀n mọ́. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí ìtàn Mámì Wọ́tà sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Gbogbo yín lẹ mọ àwòrán obìnrin onírun púpọ̀ tí ejò wé mọ́ ọrùn rẹ̀. Háńbọ̀ọ̀gì, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 1887, ní ilé iṣẹ́ Adọ́lífù Frídílẹ́ńdà. Obìnrin onídán tí ń fi ejò ṣeré ni wọ́n fi ń polówó. Wọn kò fín in sára igi. Ara òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nípa fífi ohun ọlọ́ràá ya ìlà sórí òkúta, tí a sì fi omi rin ín lẹ́yìn náà, kí tàdáwà lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rá nìkan. Ọ̀nà yìí ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi ní Yúróòpù, nítorí pé òkúta kì í tètè gbó bí igi. Àwòrán náà bá ọkọ̀ ojú omi dé etíkun wa. Nígbà tí yóò fi di 1901, ayàwòrán oníkámẹ́rà kan ní Ubani, tí òyìnbó ń pè ní Bonny, ti ya fọ́tò ère orí eégún kan tí a gbẹ́ ní àwòkọ obìnrin yìí gan-an, pẹ̀lú irun rẹ̀ àti ejò rẹ̀. Ní 1955, ilé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kan ní Bọ́ńbè, ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ń jẹ́ Ṣírì Ráàmù, tún un tẹ̀ ní 12,000 ẹ̀dà fún àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gánà, láìyí ìlà kan padà.

Ẹgbẹ̀rún méjìlá! Ǹjẹ́ àṣẹ inú rẹ̀ tán? Àwọn ènìyàn gbé e sí ojúbọ, wọ́n fi lọ́fíńdà àti dígí sí iwájú rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún un. N kò wá wàásù fún ìsìn kankan níhìn-ín. Ohun tí ojú rí ni mo ń sọ. Bí bébà kékeré tí a tẹ̀ ní ìlú òkèèrè bá lè gbọ̀n ọkàn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tún sọ fún mi mọ́ pé ọ̀pọ̀ ni ó ń pa àwòrán.

Ohun tí ó dùn mí nínú ìtàn yìí yàtọ̀. Háńbọ̀ọ̀gì àti Bọ́ńbè ni àwòrán náà ti wá. Ọwọ́ ẹni tí ó bá tà á ní olówó pọ́ọ́kú ni ògiri mẹ̀kúnnù máa ń bọ́ sí.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tí ó lè fín in nílé. Ní Sàríà, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní 1958. Ọ̀kan lára wọn ni Bruce Onobrakpeya. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ará Họ́láńdì kan tí ń jẹ́ Rúù fan Rọ́sẹ̀mù wá kọ́ àwọn ayàwòrán wa ní iṣẹ́ àwòrán títẹ̀, Onobrakpeya sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Línólíọ̀mù wà lára ohun tí ó fín, èyí tí a ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé. Ó rọ̀ ju igi lọ, kò sì ní ìlà ara bíi ti igi, nítorí náà ọ̀bẹ lè gba ibi tí ó wù ú kọjá láìjẹ́ pé ó là. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní sùúrù lè fín ọ̀kan parí ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Onobrakpeya ya ìtàn ìjìyà Jésù sára ògiri ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ní 1969, ó fín ibùdó mẹ́rìnlá ìtàn kan náà sórí línólíọ̀mù. Ẹ fi èyí wé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ògiri Ẹbúté-Mẹ́ta kò lè rìn. Ẹni tí kò bá dé Èkó kò lè rí i. Bébà lè wọ ọkọ̀ wá sí Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé Fágúnwà sì jáde ní 1968, àwòrán Onobrakpeya ló wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá ìwé náà ní ilé ìkàwé gbé iṣẹ́ ayàwòrán ńlá sùn sábẹ́ ìrọ̀rí láìmọ̀.

Níbo wá ni ìjà mi wà? Ó wà ní ìsàlẹ̀ bébà, níbi tí a ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé 3/50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àádọ́ta péré ni a tẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni èyí. Nígbà tí àádọ́ta bá pé, a ó fi ọ̀bẹ fa ìlà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sójú pátákó náà, tàbí kí a fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àṣà yìí kì í ṣe ti Édò. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù ni wọ́n sọ ọ́ di òfin ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ohun tí ó pọ̀ lè di ọ̀wọ́n, kí ọ̀wọ́n sì lè di owó. Mo gbà pé ìlà tí a fi abẹ́rẹ́ ha sára bàbà pẹlẹbẹ a máa parẹ́ lẹ́yìn ẹ̀dà bí mélòó kan. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹni tí ó dá irú rẹ̀ dúró jà. Ṣùgbọ́n línólíọ̀mù lè bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, igi líle sì lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ó fọ́ wọn lẹ́yìn àádọ́ta kò ṣe é nítorí pé wọ́n gbó.

Wọn a ní ayàwòrán gbọ́dọ̀ jẹun. Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ ní àpẹẹrẹ. Bí ó bá tẹ 50, tí ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦40,000, mílíọ̀nù méjì náírà ni. Bí ó bá tẹ 1,000, tí ó tà á ní ₦2,000, mílíọ̀nù méjì kan náà ni. Bébà ẹgbẹ̀rún yóò jẹ owó, mo mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà pọ̀: bí òǹtẹ̀ bá ń tẹ igba lóòjọ́, pátákó aláwọ̀ kan yóò gba ọjọ́ márùn-ún, aláwọ̀ mẹ́rin yóò gba ogún ọjọ́. Èrè ayàwòrán yóò dín kù díẹ̀, nítorí pé yóò san owó fún ẹni tí ń bá a tẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ̀rún ilé ni àwòrán rẹ̀ yóò wọ̀ dípò àádọ́ta, ọ̀dọ́ kan tàbí méjì yóò sì kọ́ iṣẹ́ òǹtẹ̀. Ibi tí n kò ní tẹ̀lé àwọn ará Édò dé ni ti ẹ̀tọ́: oníṣòwò ló ni pátákó níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sanwó fún ayàwòrán, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ ẹgbàárùn-ún. Kí pátákó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, kí a sì máa fún un ní tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un tẹ̀.

Wọn a tún ní nọ́ńbà ń dáàbò bo olùrà lọ́wọ́ èké. Kí nọ́ńbà wà nígbà náà. Kí a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ìtẹ̀ kejì ni, kí a kọ ọdún sí i, bí ìwé ti ń ṣe. Láti 1938 ni a ti ń tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, a kò sì tíì dáwọ́ dúró. Bí ẹnì kan bá dìde ní ẹ̀ka Yorùbá wa yìí pé kí a ti tẹ àádọ́ta péré kí a sì jó ìyókù, kí àwọn tí ó rà á lè máa yangàn, a ó ní orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ó bú u ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń fọ́ línólíọ̀mù rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jọ́ọ̀sì, tí a ṣí ní 1952, ní iṣẹ́ tirẹ̀. Orí alámọ̀ Nọ́ọ̀kù tí a wú jáde níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ó bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Ó yẹ kí a fi gíláàsì bò ó, kí a sì fi ọlọ́dẹ ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí a fi ń fẹ́ kí ohun tí ẹlẹ́dàá rẹ̀ dá láti pọ̀ máa fara wé ohun tí ìparun sọ di ẹyọ kan?

Ẹ bá mi rìn láti Tẹ́mínọ́ọ̀sì wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà káàkiri, kí ẹ wo ògiri wọn. Kàlẹ́ńdà báńkì, kàlẹ́ńdà ìjọ, òṣèré òkèèrè, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó tẹ̀ wọ́n kò dá iye lé wọn. Ẹ wá padà sí ilé ẹ̀kọ́ tiwa. Lọ́dọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fín línólíọ̀mù fún ìdánwò; lọ́dọọdún ni a ń tẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a ń fún un ní máàkì, tí línólíọ̀mù náà sì ń bá pàǹtí lọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà bá wá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ògiri òfìfo ni yóò kọ́ àwọn ọmọ níwájú rẹ̀. Ó ti fín ìjàpá, ó ti fín ìyá ońdíńrí létí iná, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kò tóbi. Kí a ṣe pẹpẹ onígi kan tí a ó máa to àwọn línólíọ̀mù àti pátákó tí ó bá dára sí, ní ìdúró, kí wọ́n má baà wọ́ lábẹ́ ẹrù. Kí a fọ tàdáwà kúrò lójú wọn kí ó tó gbẹ mọ́ inú ìlà. Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó fín in àti ọdún sí ẹ̀yìn. Kí a tẹ igba nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òjò, nígbà tí bébà kì í tètè gbẹ. Kí a tà á ní iye tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jẹun ọ̀sán, kí ìdá kan nínú owó náà sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó fín in, bó tilẹ̀ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ojúlówó lè wá mú tirẹ̀ nínú igba náà. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ kàn án lọ́wọ́ ni.